Bí a ṣe ń kọ ímeèlì ọjà ọ̀sẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù

Àwọn ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù àmọ́ tí wọn kì í sí níbẹ̀ kì í fara balẹ̀ ka ímeèlì bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Inú mọ́tò ni wọ́n ti ń kà á, tàbí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, lórí fóònù. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà lọ́kàn wọn: èló lẹ tà? Ṣé ó ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ? Kí ló wà níbẹ̀ tó yẹ kí n dá sí? Bí wọ́n bá ka ìlà mẹ́wàá tí wọn ò tíì rí ìdáhùn kan, wọ́n á gbé fóònù, wọ́n á pè ọ́, ímeèlì tó o fi wákàtí kan kọ á sì di òfo.

Ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níbí, ì báà jẹ́ máníjà tó ń gba owó oṣù tàbí ọmọ àbúrò tí wọ́n ní kó máa bá wọn jókòó síbẹ̀. Màá fi ṣọ́ọ̀bù kan ní Bódìjà, Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Ìrẹsì, òróró, mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Èkó ni Màmá tó ni ín ń gbé. Èmi ni mo to iye owó inú àpẹẹrẹ yìí kí ìṣirò rẹ̀ lè yé wa yékéyéké, nítorí náà má ṣe fi wọ́n mọ iye tí ọjà jẹ́ lónìí.

Kọ́kọ́ ti ọ̀sẹ̀ náà pa

Ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tí kì í yẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù wa yìí, láti ìgbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Ajé títí di ìgbà tí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn lálẹ́ Àbámẹ́ta ni. Bí aládùúgbò bá kan fèrèsé lọ́jọ́ Àìkú láti ra mílíìkì, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni owó rẹ̀ wà. Bí o bá ka Àìkú mọ́ ọ̀sẹ̀ kan tí o kò sì kà á mọ́ èkejì, ìfiwéra rẹ ti dàrú kó o tó mú kálámù.

Alẹ́ Àbámẹ́ta ni kó o ti ka owó, kó o sì ka ọjà tó kù lórí pẹpẹ, nígbà tí ilẹ̀kùn ti wà ní títì. Má dúró di àárọ̀ Ajé, torí oníbàárà àkọ́kọ́ á ti dé, owó tuntun á sì ti dà pọ̀ mọ́ ti àná. Kíkọ ímeèlì fúnra rẹ̀ lè di ọ̀sán Àìkú, nígbà tí ara ti tù ọ́ díẹ̀. Mú wákàtí kan, kó o sì dì í mú. Bí Màmá bá ti mọ̀ pé aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Àìkú ni ímeèlì ń wọlé, wọn ò ní máa pè ọ́ lálẹ́ Àbámẹ́ta.

Ka owó gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tó gbà wọlé

Ọ̀nà mẹ́rin ni ọjà máa ń gbà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lóde òní: owó ọwọ́, pí-ó-ẹ̀sì, tiransifá àti àwìn. Kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó o tó ro wọ́n pọ̀, torí ibi tí ìṣòro ti ń yọjú yàtọ̀ síra.

Pí-ó-ẹ̀sì rọrùn. Tẹ ìwé òpin ọjọ́ jáde nínú ẹ̀rọ náà, kó o kó ti ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ. Iye tí oníbàárà san ni kó o kọ sí ọjà, kì í ṣe iye tó dé inú àkáǹtì, nítorí pé àwọn tó ni ẹ̀rọ á ti yọ owó iṣẹ́ tiwọn. Bí o bá kọ iye tó dé báǹkì, á dà bíi pé ọjà tẹ́ ẹ tà kéré sí bó ṣe rí.

Tiransifá ló nílò sùúrù. Àlẹ́ẹ̀tì tí oníbàárà fi hàn ọ́ lórí fóònù tirẹ̀ kì í ṣe owó, ẹnikẹ́ni tó bá ń tajà ní Nàìjíríà ti mọ ìyẹn. Ohun tó wà nínú àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù ni owó. Jókòó ti ìwé ọjà, ṣí áàpù báǹkì, kó o máa fa ìlà sí ìkọ̀ọ̀kan bó o bá ti rí i. Èyí tó bá wà nínú ìwé tí kò sí ní báǹkì, kọ ọ́ sọ́tọ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀. Bí àpapọ̀ àkáǹtì bá fi náírà díẹ̀ kéré sí ti ìwé, má tíì fura sí ẹnikẹ́ni: ní ọdún 2025 tí àpẹẹrẹ wa ti wáyé, ₦50 ni wọ́n ń yọ lára owó ₦10,000 sókè tó bá wọ àkáǹtì. Ìgbà mẹ́jọ irú rẹ̀ ti di ₦400. Ẹni tí kò bá mọ èyí á máa wá ẹni tó jí irínwó náírà.

Àwìn ló máa ń da ìṣirò rú jù. Ọjà tó bá jáde lọ́sẹ̀ yìí láìsan owó, ọjà ọ̀sẹ̀ yìí ni, kọ ọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan bá wá san gbèsè ọ̀sẹ̀ tó kọjá, owó yẹn kì í ṣe ọjà tuntun. Ọ̀sẹ̀ tó gbé ọjà lọ lo ti kà á. Bí o bá tún kà á nígbà tó san án, o ti ta páálí mílíìkì kan lẹ́ẹ̀mejì. Àyè tirẹ̀ ni kó o fún un: gbèsè àtijọ́ tó wọlé.

Bó ṣe rí fún ọ̀sẹ̀ Ajé 10 sí Àbámẹ́ta 15 Nòfẹ́ńbà 2025 nìyí. Owó ọwọ́ jẹ́ ₦412,300, pí-ó-ẹ̀sì ₦351,700, tiransifá ₦458,500, àwìn ₦62,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,284,500. Gbèsè àtijọ́ tí wọ́n san lówó ọwọ́ jẹ́ ₦35,000. Owó tí wọ́n mú nínú dúrọ́ọ̀ fi ra epo jẹnẹrétọ̀, ra náílọ́ọ̀nù, tí wọ́n sì fi gbé ẹrù jẹ́ ₦27,500.

Ibi tí o ti máa mọ̀ bóyá ìṣirò rẹ dúró nìyí: owó ọwọ́ tó yẹ kó wà jẹ́ ₦412,300, kún un ₦35,000, yọ ₦27,500 kúrò, ó ku ₦419,800. Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, wọ́n ti san ₦350,000 sí báǹkì kí Ẹtì tó ṣú. Nítorí náà ₦69,800 ló gbọ́dọ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ lálẹ́ Àbámẹ́ta. Ka owó náà. Bí ó bá pé, lọ sí ìgbésẹ̀ tó kàn. Bí kò bá pé, má ṣe tún ìwé kọ kó lè bá owó mu. Kọ iye tó dín tàbí tó lé, kó o fi hàn Màmá bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n máa fi gbà ọ́ gbọ́ ní ọdún kan sí i ni pé o sọ nípa ₦1,200 tó dín nígbà tí kò sẹ́ni tó bi ọ́.

Fi wé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kó o sì wá ohun tó mú un lọ sókè tàbí sódò

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, láti 3 sí 8 Nòfẹ́ńbà, ₦1,196,000 ni ṣọ́ọ̀bù yìí tà. Yọ ọ́ kúrò nínú ₦1,284,500, ó ku ₦88,500. Láti mọ ìdá tó jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún, iye ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni kó o fi pín in, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ yìí:

```
88500 ÷ 1196000 × 100 = 7.4
```

Ọ̀pọ̀ ló ń fi iye tuntun pín in, tí wọ́n á sì rí 6.9. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ Màmá lè ní ẹ̀rọ ìṣirò lọ́wọ́. Kọ iye owó àti ìdá pa pọ̀, torí ìdá nìkan máa ń tanni jẹ. Ọṣẹ tí ẹ ta méjì nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ẹ wá ta mẹ́rin lọ́sẹ̀ yìí ti fi ìdá ọgọ́rùn-ún lọ sókè, kò sì sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

Kó o tó kọ pé ọjà gbéra tàbí pé ó wálẹ̀, ka iye ọjọ́ tí ẹ ṣí. Ẹ wo ọ̀sẹ̀ Iléyá ọdún 2025: ìjọba kéde Ẹtì 6 Júùnù àti Ajé 9 Júùnù fún ìsinmi, Ọjọ́bọ̀ 12 Júùnù sì tún jẹ́ ọjọ́ ìsinmi Ìjọba Tiwa-n-tiwa. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kún fún àwọn tó ń ra nǹkan ọdún, èkejì ní ọjọ́ ìsinmi méjì nínú. Máníjà tó bá kàn kọ pé ọjà já wálẹ̀ gan-an lọ́sẹ̀ kejì yẹn, tí kò sọ̀rọ̀ ìsinmi, ti já ọ̀gá rẹ̀ láyà lásán. Bí ọjọ́ tí ẹ ṣí kò bá dọ́gba, pín iye tí ẹ tà sí iye ọjọ́ tí ẹ ṣí, kó o fi iye ojúmọ́ kan wé iye ojúmọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni òpin oṣù: ọ̀sẹ̀ tí owó oṣù wọlé kì í bá ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e dọ́gba. Fún irú ọ̀sẹ̀ yẹn, fi ìlà kan kún un tó sọ iye tí ẹ tà ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóṣù tó kọjá. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n ṣí lọ́sẹ̀ méjèèjì, kò sí ọdún, kò sí òpin oṣù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń dúró nìyí. Wọ́n á kọ pé ọjà lọ sókè pẹ̀lú ìdá 7.4, wọ́n á fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì. Má tíì tẹ̀ ẹ́. Mú ọjà mẹ́ta tó ń pa owó jù ní ṣọ́ọ̀bù, kó o wo bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe tà lọ́sẹ̀ méjèèjì. Kò pọn dandan kó o wo gbogbo ọjà, mẹ́ta ti tó.

Ní ṣọ́ọ̀bù Bódìjà yìí, ìrẹsì àti mílíìkì kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Òróró ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 5 méjìdínlógún ni wọ́n tà ní ₦15,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó rẹ̀ jẹ́ ₦279,000. Ọ̀sẹ̀ yìí, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n tà ní iye kan náà, owó rẹ̀ jẹ́ ₦387,500. Òróró nìkan fi ₦108,500 lọ sókè. Gbogbo ọjà ṣọ́ọ̀bù pátá ₦88,500 péré ló sì fi lọ sókè. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá yọ òróró kúrò, ìyókù ọjà wálẹ̀ pẹ̀lú ₦20,000, láti ₦917,000 sí ₦897,000. Ìdá 7.4 tó dùn létí yẹn, orí òróró nìkan ló dúró sí.

Kí ló wá fà á tí òróró fi tà báyìí? Wọ́n wo ìwé ọjà rírà. Òróró tí wọ́n tà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ₦13,800 ni wọ́n ra kẹ́ẹ̀gì kan. Èyí tó tán lálẹ́ Àbámẹ́ta 8 Nòfẹ́ńbà nìyẹn. Páálí mẹ́jọ tuntun tí wọ́n já ní àárọ̀ Ajé, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin nínú páálí kọ̀ọ̀kan, ₦14,900 ni kẹ́ẹ̀gì kan. Olówó ọjà ti fi owó kún un. Àwọn ṣọ́ọ̀bù méjì tó wà lójú títì kan náà ti gbé tiwọn sí ₦16,500. Tiwa ṣì wà ní ₦15,500 nítorí pé iye tí Màmá fi lélẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ní àṣẹ láti yí i. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi rọ́ wá.

Ẹ wá wo èrè. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kẹ́ẹ̀gì kan mú ₦1,700 wá, méjìdínlógún mú ₦30,600. Ọ̀sẹ̀ yìí, kẹ́ẹ̀gì kan mú ₦600 wá, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n mú ₦15,000. Wọ́n gbé ẹrù jù, wọ́n tà jù, èrè sì fi díẹ̀ lé ní ìlàjì já wálẹ̀. Èrè tí mo ń sọ yìí, a ò tíì yọ owó iná, owó ilé àti owó òṣìṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀ o.

Ìkìlọ̀ kan wà lórí ìṣirò yìí. Bó bá jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì àtijọ́ díẹ̀ ṣẹ́kù tí wọ́n tà mọ́ tuntun, o ní láti ṣe ìṣirò wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí iye tí ẹ ra ìkọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Bákan náà, ka ohun tó wà lórí pẹpẹ. Wọ́n já kẹ́ẹ̀gì méjìlélọ́gbọ̀n, ìwé ní wọ́n ta mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, méje ló gbọ́dọ̀ kù. Bó bá jẹ́ márùn-ún lo rí, a jẹ́ pé ẹnì kan tà láìkọ ọ́ sílẹ̀, tàbí kẹ́ẹ̀gì méjì ti rìn. Má ṣe fi ìṣirò èrè ránṣẹ́ lórí iye tí o kò tíì fi ojú rí.

Mú ohun kan ṣoṣo tó ń kọ ọ́ lóminú

Lálẹ́ Àbámẹ́ta yẹn, nǹkan tó wà lọ́kàn máníjà yìí ju ẹyọ kan lọ. Òróró wà níbẹ̀. Àwìn tó wà níta ti lọ láti ₦114,000 sí ₦141,000. Ọmọ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ pẹ́ dé lẹ́ẹ̀mejì. Epo jẹnẹrétọ̀ ń jẹ owó. Bí o bá kó gbogbo rẹ̀ sínú ímeèlì kan, Màmá á dáhùn èyí tó rọrùn jù láti dáhùn, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń pẹ́ dé, òróró á sì wà bó ṣe wà títí ọ̀sẹ̀ míì.

Ìbéèrè méjì ni mo máa ń fi yàn. Àkọ́kọ́: ṣé owó ń sọnù lójoojúmọ́ tí a kò bá ṣe nǹkan kan? Èkejì: ṣé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù nìkan ló lè sọ pé kí a ṣe é? Epo jẹnẹrétọ̀ ń jẹ owó lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń jẹ. Àwìn wúwo, àmọ́ máníjà ní àṣẹ láti sọ fún oníbàárà pé kò sí àwìn mọ́ títí tó fi san ti àtẹ̀yìnwá, nítorí náà iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Ọmọ tó ń pẹ́ dé, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Òróró nìkan ló dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí méjèèjì. Ìyẹn kò ní kí o fi àwìn pamọ́ o. Iye rẹ̀ á wà láàárín àwọn iye yòókù níbi tí Màmá ti lè rí i, ṣùgbọ́n kò ní jókòó sí àyè ohun tó ń kọ ọ́ lóminú.

Nígbà tó o bá ń kọ ọ́, sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á, iye tó ń ná wa, ohun tí o fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí, àti ọjọ́ tí ìdáhùn gbọ́dọ̀ dé. Ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfojúdi, bó o bá ti sọ ìdí rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì méje ló kù. Mẹ́rin ni wọ́n ń tà lóòjọ́, ó fi díẹ̀ lé. Kí Ìṣẹ́gun tó ṣú, ó ti tán, wọ́n sì ní láti lọ já tuntun. Nítorí náà ìdáhùn gbọ́dọ̀ dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Múra sílẹ̀ de ìbéèrè tí Màmá máa bi ọ́, torí wọ́n máa bi ọ́: bí a bá fi owó lé e, ṣé àwọn oníbàárà ò ní sá? Ṣe ìṣirò rẹ̀ kó o tó kọ̀wé. Ní ₦16,500, kẹ́ẹ̀gì kan á mú ₦1,600 wá. Bí wọ́n bá ta mẹ́wàá péré, ₦16,000 ni. Èyí ti ju ₦15,000 tí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n mú wá lọ́sẹ̀ yìí lọ. Gbólóhùn yìí nìkan lè parí ọ̀rọ̀.

Ìwé náà rèé

Kọ ọ́ sínú ímeèlì gan-an, má so ó mọ́ ọn bíi fáìlì tí wọ́n ní láti ṣí. Má sì to iye sínú tábìlì, nítorí pé tábìlì máa ń fọ́nká lórí fóònù kékeré. Ìlà kan, iye kan. Àkọlé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ àfi déètì, kí Màmá lè rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bí wọ́n bá wá a lóṣù mẹ́ta sí i.

> Àkọlé: Ọjà ọ̀sẹ̀, Bódìjà: 10 sí 15 Nòfẹ́ńbà 2025
>
> Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ Mà. Ẹ kú ìsinmi, àwọn ọmọ ńkọ́?
>
> A ta ₦1,284,500 lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá jẹ́ ₦1,196,000. Ó fi ₦88,500 lé, ìyẹn ìdá 7.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ mẹ́fà la ṣí lọ́sẹ̀ méjèèjì. Òróró ló mú un lọ sókè, ìyókù ọjà fi ₦20,000 wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà lórí òróró náà tí mo nílò àṣẹ yín lé lórí, ó wà nísàlẹ̀.
>
> Owó ọwọ́: ₦412,300
> Pí-ó-ẹ̀sì: ₦351,700
> Tiransifá: ₦458,500 (mo ti fi wé àkáǹtì, gbogbo rẹ̀ wọlé)
> Àwìn: ₦62,000
>
> Gbèsè àtijọ́ tí wọ́n san: ₦35,000 (kò sí nínú ọjà òkè yìí)
> Àwìn tó wà níta báyìí: ₦141,000 (ọ̀sẹ̀ tó kọjá: ₦114,000). Mo ti dá àwìn tuntun dúró fún àwọn tí kò tíì san.
> Ìnáwó láti inú dúrọ́ọ̀: ₦27,500
> Mo san sí báǹkì: ₦350,000. Ó ku ₦69,800 ní ṣọ́ọ̀bù, mo kà á, ó pé.
>
> Ohun tó ń kọ mí lóminú: òróró lítà 5. Láti ọjọ́ Ajé, ₦14,900 la ń ra kẹ́ẹ̀gì kan, ₦13,800 ni tẹ́lẹ̀. A ṣì ń tà á ní ₦15,500. Àwọn ṣọ́ọ̀bù méjì tó wà nítòsí ti gbé e sí ₦16,500, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rọ́ wá sọ́dọ̀ wa. A ta mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦15,000. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, méjìdínlógún la tà, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦30,600.
>
> Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ṣé ẹ lè fọwọ́ sí i kí a gbé e sí ₦16,500? Bí a bá ta mẹ́wàá péré ní iye yẹn, èrè rẹ̀ á ju ti ọ̀sẹ̀ yìí lọ. Kẹ́ẹ̀gì méje ló kù, yóò tán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí mo bá rí èsì yín kí a tó ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, màá yí iye rẹ̀ kí a tó já tuntun.
>
> Ẹ ṣeun Mà. Kí Ọlọ́run bùkún ọjà.

Ẹ wò ó pé ìkíni rẹ̀ kúrú. Ìkíni ò ṣeé fò nílẹ̀ wa, àmọ́ ìlà kan ti tó kí owó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún wò ó pé a sọ pé òróró ló mú ọjà lọ sókè nínú ìpínrọ̀ kan náà tí ìdá 7.4 wà. Bó bá jẹ́ pé òkè la kọ ìròyìn ayọ̀ sí, tí a wá fi ìyókù pamọ́ sísàlẹ̀, Màmá lè ti tì í, kí wọ́n ti máa sọ fún ọ̀rẹ́ wọn pé ọjà ń tà ní Ìbàdàn.

Kò sí gbólóhùn kankan níbẹ̀ tó wá ẹni tí a ó dá lẹ́bi. Kò sọ pé Màmá pẹ́ kí wọ́n tó yí iye òróró, kò sì bẹ̀bẹ̀ fún máníjà pé kò ṣe é. Iye tí a fi ń rà á yí padà, iye tí a fi ń tà á ò yí, ó tán. Kò tún pàṣẹ fún àgbà. “Ṣé ẹ lè fọwọ́ sí i” ń fi ìpinnu sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ọjọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì jẹ́ kó di ọ̀rọ̀ ọ̀la.

Ohun tí kì í jẹ́ kí irú ímeèlì yìí dára ni ọ̀rọ̀ tí kò ní iye nínú. “Ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ yá.” “Òróró ti wọ́n.” “Àwọn èèyàn ń jẹ wá lówó.” Bí irú rẹ̀ bá bọ́ sínú ímeèlì rẹ, fi iye sí i tàbí kó o yọ ọ́. Bí o kò bá mọ iye rẹ̀, ìwé ọjà ni kó o padà sí.

Lẹ́yìn tó o bá ti fi ránṣẹ́

Bí Màmá kì í bá ṣí ímeèlì déédéé, fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ lórí Wasáàpù: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ Mà, ímeèlì ọjà ti wọlé, mo nílò àṣẹ yín lórí òróró kí Ìṣẹ́gun tó mọ́.” Má da gbogbo iye sórí Wasáàpù, torí láàárín ọjọ́ méjì, fọ́tò àríyá àti àdúrà á ti bò ó mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá pè dípò kí wọ́n kọ̀wé, tí wọ́n ní kó o máa tà á ní ₦16,200, dáhùn ímeèlì tìrẹ fúnra rẹ lálẹ́ ọjọ́ náà pé: “Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ lórí fóònù, ₦16,200 láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.” Nígbà tí ẹnì kan bá béèrè lóṣù Jánúárì ìdí tí iye náà fi jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní máa rántí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kó o tó wá ohun tuntun tó ń kọ ọ́ lóminú, sọ ibi tí ti àná dé. Ìlà kan lábẹ́ àpapọ̀ ọjà ti tó: iye tí ẹ ń tà á báyìí, kẹ́ẹ̀gì mélòó ló lọ, èló ni èrè rẹ̀. Bí àwọn oníbàárà bá sá lóòótọ́, tí kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà péré lọ, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó o sì kọ iye tí àwọn tó wà nítòsí ń tà á lọ́sẹ̀ náà, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti já tiwọn wálẹ̀.